Gígé Nìkan Kò Tó: Ohun tí Kílọ́ìdì Etí Mi Fi Yé Mi

Ihò méjì ni ó wà ní etí òsì mi. Èkíní ni èyí tí ìyá bàbá mi fi abẹ́rẹ́ àti òwú lu fún mi nígbà tí mo pé ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì yọ mí lẹ́nu rí títí di òní. Èkejì ni èyí tí èmi fúnra mi fi owó mi lọ lu ní ọdún 2011, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 20, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ìbàdàn. Etí kan náà ni, ara kan náà ni, kò sì ju ìwọ̀n èékánná kan lọ láàárín ihò méjèèjì, síbẹ̀ ihò kejì yìí bí kílọ́ìdì, àpá líle tí ń dàgbà kọjá ojú egbò rẹ̀, ó sì gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi kí n tó rí ẹni tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i.

Egbò náà jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ti gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ni ọwọ́ mi kan nǹkan kan tí ó le bí hóró ẹ̀wà lẹ́yìn etí náà, ní ibi tí ìdí yẹtí máa ń gbà jáde. Kò dùn mí, ó kàn ń yún mi ni, pàápàá ní òru, ìyún tí ó dà bí ẹni pé ó wà nínú ẹran, tí èékánná kò lè bá. Mo kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni yẹtí náà. Mo yọ ọ́, mo ra èyí tí ó jẹ́ ojúlówó wúrà, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí ọdún kan pé, hóró ẹ̀wà ti di ẹ̀pà. Nígbà tí yóò fi pé ọdún méjì, ó ti tóbi tó kóró àgbálùmọ̀, ó ń dán, ó sì dúdú ju ara etí tó kù lọ, ó wá ń fa ìsàlẹ̀ etí mi sílẹ̀ bí ẹni pé yẹtí wíwúwo ni mo fi sí i.

Ohun tí mo fi sí i láàárín àkókò náà kò lóǹkà: ọṣẹ ìfọyín, róòbù, oyin, áyù tí a gún, àti ìpara kan tí wọ́n ń tà lójà tí wọn kò kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara agolo. Áyù ni ó bó mi lára. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ní kí n fi òwú so ọrùn rẹ̀ pinpin, pé yóò gbẹ, yóò sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Mo so ó fún ọjọ́ márùn-ún. Kò já, ó wú, ó ṣe ọyún, ó ń rùn, egbò tí òwú náà dá sí ọrùn rẹ̀ sì wá fún kílọ́ìdì náà ní ibi tuntun tí yóò gbà dàgbà. Bí ẹni tí ara rẹ̀ ń bí kílọ́ìdì bá so nǹkan mọ́ ọn tí ó sì dá egbò sí i, irú èsì bẹ́ẹ̀ ni ó lè rí.

Ní ọdún 2013, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní nǹkan kékeré ni, ó fún mi ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ibẹ̀ kú, ó gé e, ó rán an. Kò gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje wọ́n tú okùn rẹ̀, wọ́n ní ó ti parí. Etí mi rẹwà. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Èkó. Kò sí ẹni tí ó ní kí n padà wá, kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí n óò máa wò fún mi, èmi náà kò sì béèrè, nítorí pé ohun tí mo rò ni pé ohun tí a bá ti gé ti lọ nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún, ìyún náà padà dé. Nígbà tí ọdún fi yípo, èyí tí ó hù jáde ti fi ìdajì ju èyí tí wọ́n gé lọ, ó sì pín sí méjì, ọ̀kan níwájú etí, èkejì lẹ́yìn.

Ọdún 2015 ni mo tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún awọ ara àti àpá ṣe, ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Àgbàlagbà ni. Kò kọ́kọ́ wo etí mi rárá. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó ní irú rẹ̀ nínú ẹbí? Mo rántí bàbá mi, tí ó ní àpá kan tí ó ru sókè láàárín àyà, tí a sì máa ń rò pé iná ni ó jó o nígbà kan. Ìrorẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti lu etí rí ṣáájú? Mo sọ ti ìyá bàbá mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà náà yan àkókò tó dára láìmọ̀, nítorí pé etí tí a lu kí ọmọ tó pé ọdún 11 kì í sábà bí kílọ́ìdì tó èyí tí a lu lẹ́yìn ìgbà náà, kódà nínú ẹbí tí ó ti wà. Àkókò tí ara bá wà ní ọ̀dọ́, láti ìgbà ìbàlágà títí di nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni ó máa ń hù jù.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ kò sì kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí awọ bá là, ara máa ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wá láti hun fọ́nrán tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìnì dí ojú egbò, bí ẹni ń hun ẹní. Bí ojú egbò bá ti dí, wọ́n máa ń gba àṣẹ pé ó tó, wọn yóò sì ká ẹní nílẹ̀. Lára ẹni tí ó ní kílọ́ìdì, àṣẹ pé ó tó kì í dé etí wọn. Wọn yóò hun ún kọjá ojú egbò, wọn yóò wọ inú awọ tí abẹ kò kàn rárá. Èyí ni ó mú kí àwọn ará Faransé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ọwọ́ akàn sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Gíríìkì, nítorí pé bí akàn ṣe ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni òun náà ń nà. Gbogbo ènìyàn ni ó lè ní in, àmọ́ àwa aláwọ̀ dúdú ni ó ń bá jà jù.

Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. Ó ní, “Ihò abẹ́rẹ́ lásán ni ó bí èyí tí o kọ́kọ́ rí. Egbò abẹ wá ńkọ́?” Ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Bí a bá gé kílọ́ìdì, egbò tuntun ni a dá, èyí tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, sí ara ẹni tí a ti mọ̀ pé kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Nínú àwọn ìwádìí tí àwọn dókítà ti ṣe, bí wọ́n bá gé e fún ènìyàn 100 láìfi ìtọ́jú mìíràn tẹ̀ lé e, ti nǹkan bí 45 nínú wọn ni ó ń padà hù, ó kéré tán, àwọn ìwádìí mìíràn sì wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti gbogbo wọn ni ó padà. Nítorí náà kì í ṣe pé ọwọ́ dókítà àkọ́kọ́ kò dán. Ó rán an dáadáa. Ìtọ́jú ni kò ṣe parí.

Abẹ́rẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. Oògùn tí wọ́n ń pè ní tiramusinolóònù ni, ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé sitẹ́rọ́ìdì, ó máa ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń hun ẹní náà wí, ó sì máa ń mú kí èyí tí wọ́n ti hun rọ̀. Wọ́n ń pò ó láti miligiraamu 10 títí dé 40 nínú mililita kan, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àpá wà àti bí ó ti le tó. Nítorí pé tèmi ti di òkúta, 40 ni ó lò, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ kò sì tó mililita kan. N kò ní purọ́, ó dùn mí ju iṣẹ́ abẹ lọ. Kílọ́ìdì tí ó ti le kì í gba omi. Mo ń wo bí àtàǹpàkò dókítà ṣe ń gbọ̀n lórí ìdí abẹ́rẹ́ náà, tí oògùn kọ̀ láti wọlé, títí ojú àpá náà fi funfun díẹ̀, èyí tí ó fi mọ̀ pé inú rẹ̀ gan-an ni oògùn wà. Ó ní bí oògùn bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí n fura, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé ó ti bọ́ sí abẹ́ àpá, níbi tí yóò ti jẹ ọ̀rá awọ tí ibẹ̀ yóò sì jìn wọnú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin sí ara wọn. Lẹ́yìn ìkíní, ìyún náà dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ mẹ́rin; lẹ́yìn ìkẹta, èyí tí ó wà níwájú etí ti rọ̀, ó sì ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Nǹkan oṣù mi ṣe ségesège fún bí oṣù méjì, ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ó ti sọ ọ́ fún mi ṣáájú pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Awọ tí ó yí ojú abẹ́rẹ́ ká náà sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, èyí kì í fara pamọ́. Tèmi gba ọdún kan kí ó tó dúdú padà, ibi kan wà tí kò tíì padà tán.

Ní ìjókòó àwọn tí ń dúró de dókítà ni mo ti rí obìnrin kan tí kílọ́ìdì rẹ̀ wà ní èjìká, láti ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife. Omi náítírójìn, tí ó tutù ju yìnyín lọ, ni wọ́n fi tọ́jú tirẹ̀ ní ibòmíràn. Àpá náà pẹlẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ funfun bí ẹ̀fun, ó tóbi tó owó ẹyọ àtijọ́. Nígbà tí mo béèrè, dókítà ní òtútù náà máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fún awọ ní dúdú kí ó tó pa ti àpá, pé òun kì í fẹ́ fọ́n ọn sí ojú awọ dúdú bí ọ̀nà mìíràn bá wà. A tún sọ̀rọ̀ nípa ìtànṣán, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, tí wọ́n máa ń lò ní ìwọ̀n kékeré láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Ó ní ó lágbára ju gbogbo ohun tó kù lọ láti dènà kí ó má padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọdé tàbí aláboyún, ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú sì wà nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ kéré. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 24. A fi í pamọ́ de ìgbà tí ohun tó kù bá kùnà.

Iṣẹ́ abẹ kejì kò jọ ti àkọ́kọ́. Kò gé kílọ́ìdì náà kúrò bí ẹni gé iṣu. Ó la awọ tí ó bò ó, ó yọ kóró líle inú rẹ̀ jáde bí ẹni ń yọ ẹ̀kọ nínú ewé, ó wá fi awọ náà bo ojú ibẹ̀ kí ó má baà fa ojú egbò pọ̀ pẹ̀lú agbára, nítorí pé ibi tí awọ bá ti ń fà ni kílọ́ìdì ti máa ń rí oúnjẹ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi rán an. Kò jẹ́ kí a tú okùn náà ní ọjọ́ méje. Ọjọ́ 12 ni, nítorí pé sitẹ́rọ́ìdì tí mo ti gbà máa ń fa ìjinná egbò sẹ́yìn, ojú ibẹ̀ sì lè là bí a bá kánjú.

Ọjọ́ tí wọ́n tú okùn, níbi tí ìtọ́jú mi ti parí ní 2013, ni ti ọdún 2015 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún mi ní yẹtí kan tí kì í ṣe fún oge: pépé ike méjì tí a fi irin tín-ín-rín so pọ̀, tí ó ń há ìsàlẹ̀ etí níwájú àti lẹ́yìn. Bí a bá ń tẹ àpá mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ síbẹ̀ yóò dín kù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń hun ẹní náà kò sì ní rí ohun tí wọn yóò fi hun. Wákàtí 12 ni ó kéré jù lójúmọ́, bí ó bá tó 16, ó dára jù. Òru ni mo sábà máa ń fi í sí, mo sì máa ń fi gèlè bò ó bí mo bá jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní mo há a jù. Nígbà tí mo yọ ọ́ ní òwúrọ̀, etí mi ti kú tipiri, àmì rẹ̀ kò sì tètè lọ. Wọ́n kọ́ mi pé bí mo bá yọ ọ́, kí àwọ̀ awọ padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá padà, ó ti há jù, bí kò bá sì fi àmì kankan sílẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi lò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo ń padà gba abẹ́rẹ́ tiramusinolóònù tí kò le tó ti tẹ́lẹ̀, lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ní oṣù keje ìyún náà dé. Òru ni, mo jí, mo fi ìka wá ibẹ̀ nínú òkùnkùn, mo bá nǹkan kan bí hóró ìrẹsì. Ní 2013 irú hóró bẹ́ẹ̀ ni mo fi oṣù mẹ́jọ wò. Lọ́tẹ̀ yìí n kò dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà dókítà ní ọjọ́ kẹta, ó fún un ní abẹ́rẹ́ méjì láàárín oṣù kan ààbọ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Hóró ìrẹsì náà ṣì wà, kò dàgbà mọ́. Ọdún méjì ni ó ní kí n fi máa ṣọ́ ọ, pé ọ̀pọ̀ èyí tí yóò padà, láàárín àkókò yẹn ni yóò ti fi ara hàn.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán, títí tí mo fi lóyún ní ọdún 2019. Hóró ìrẹsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún padà ní oṣù karùn-ún, nítorí pé oyún máa ń ta kílọ́ìdì jí, dókítà sì ní kí a fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kí n padà sí yẹtí pépé mi. Nígbà tí ó di pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ fi gbẹ̀bí mi, mo sọ fún dókítà agbẹ̀bí kí wọ́n tó gbé mi wọlé pé ara mi kì í gbàgbé abẹ. Ó fi okùn tí ń yọ́ rán mi láti abẹ́ awọ, láìsí ojú okùn ní òkè. Nígbà tí egbò náà sì jinná tán mo lẹ pépé sílíkónì mọ́ ọn, wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, mo ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kí òógùn má baà fa ìléròrò.

Síbẹ̀ ní oṣù kejì, apá ọ̀tún ojú àpá náà ru sókè, ó pọ́n, ó sì ń yún. Mo sunkún. Mo gbà pé kílọ́ìdì ti dé ikùn mi. Mo lọ bá dókítà àgbà náà, kò sì mú abẹ́rẹ́ jáde. Ó mú bírò, ó fi fa ìlà yí ẹ̀gbẹ́ ibi tí abẹ ti kọjá ká, ó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà, ó ní kí n padà wá ní oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé, ó fi ìlà inú fọ́tò náà wé ojú ibẹ̀. Àpá kò kọjá rẹ̀. Ó ní kílọ́ìdì kọ́ nìyẹn, àpá tí ó wú lásán ni: ó máa ń tètè dé, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í sì kúrò ní ojú ibi tí wọ́n là, yóò sì máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kílọ́ìdì ni ó lè fi oṣù mẹ́ta tàbí ọdún pamọ́ kí ó tó yọjú, tí yóò sì ré ààlà kọjá. Nígbà tí ọmọ mi pé ọdún kan ààbọ̀, àpá ikùn náà ti pẹlẹ, láìgba abẹ́rẹ́ kankan.

Ọmọbìnrin ni ọmọ náà. Mo ti mọ ti bàbá mi, mo ti mọ tèmi, nítorí náà mo jẹ́ kí nọ́ọ̀sì lu etí rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní ìkókó, ihò kan péré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ní ihò méjì, ó sì wá bẹ̀ mí. Mo tẹ etí òsì mi sí i, mo ní kó fi ìka wá hóró ìrẹsì náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó béèrè pé, “Ṣé ó ń dùn yín, Mọ́mì?” Mo ní rárá, pé ó kàn máa ń yún mi nígbà mìíràn. Ó ronú díẹ̀, ó wá béèrè bóyá wọ́n ń ta yẹtí tí a kàn ń há mọ́ etí, irú èyí tí kò nílò ihò.